Àyè Ìlà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wọ̀n: Títo Inú Ìwé Yorùbá fún Títẹ̀

Ẹ̀yin òǹkọ̀wé, ẹ̀yin tí ẹ ń to ìwé lórí kọ̀ǹpútà láti Lágéré títí dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì, àti ẹ̀yin tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà níkàáwọ́ yín ní Ilé-Ifẹ̀ yìí, a kí yín o. Inú ìwé nìkan la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èèpo ẹ̀yìn ìwé ní tirẹ̀, kò sí nínú ọ̀rọ̀ òní.

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á ṣí `Word`, wọ́n á mú bébà A5, wọ́n á fi etí ojú ìwé sílẹ̀ bó ṣe bá wọn, wọ́n á da ọ̀rọ̀ sí i. Nígbà tí olùtẹ̀wé bá wá ní ojú ìwé ti pọ̀ jù, wọ́n á fún àwọn ìlà pọ̀ mọ́ra. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì lè gba irú ìyà bẹ́ẹ̀. Ìwé Yorùbá kò lè gbà á. Ohun tí a fẹ́ fi yé yín ni pé àyè tó wà láàárín ìlà kan sí èkejì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀n. Inú rẹ̀ ni iye ìlà tó máa wà lójú ìwé kan ti máa jáde, inú rẹ̀ náà ni etí ojú ìwé àti ìbẹ̀rẹ̀ orí ti máa gba ìwọ̀n tiwọn.

Lẹ́tà Yorùbá ru ẹrù lórí, ó sì tún wọ bàtà. Àmì ohùn wà lókè, àmì ìsàlẹ̀, ìyẹn tóótó, wà lábẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ẹ wá fi ìrù g, j, p àti y kún un, ẹ sì mọ bí gb ṣe pọ̀ tó nínú èdè wa. Ẹ jẹ́ ká mú ìlà méjì. Ìlà òkè ní *gbígbẹ* nínú, ìlà ìsàlẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *Ọ̀ṣun*, tí àwọn méjèèjì wá bọ́ sí orí ara wọn. Ìrù g ń bọ̀ wálẹ̀, àmì orí Ọ̀ ń lọ sókè. Bí àyè kò bá tó, wọ́n á pàdé. Òǹkàwé kò ní mọ̀ bóyá tóótó yẹn jẹ́ ti ẹ lókè ni, tàbí àmì ohùn kan ló dé orí lẹ́tà ìsàlẹ̀. Ó lè ka *ìgbà* níbi tí ẹ kọ *igbá* sí, kí ó sì padà sẹ́yìn láti ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kejì.

A lè wọn àyè yìí láì sọ àsọdùn, rúlà ọmọ ilé ìwé ló sì máa ṣe é. Ẹ tẹ lẹ́tà méjì, g àti Ọ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú fóńtì tí ẹ fẹ́ lò. Ẹ gbé e sí pọ́ìǹtì 110, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà. Ìlọ́po mẹ́wàá pọ́ìǹtì 11 nìyẹn, nítorí náà, mìlímítà tí ẹ bá rí, ẹ pín in sí mẹ́wàá. Ẹ wọn g láti ibi tí lẹ́tà jókòó sí dé ìsàlẹ̀ ìrù rẹ̀. Ká ní ó jẹ́ mìlímítà 9. Ẹ wọn Ọ̀ láti ibi tó jókòó sí dé góńgó àmì orí rẹ̀. Ká ní 35. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 44, tó túmọ̀ sí 4.4 ní ìwọ̀n pọ́ìǹtì 11. Pọ́ìǹtì kan jẹ́ mìlímítà 0.353, nítorí náà 4.4 sún mọ́ pọ́ìǹtì 12 àbọ̀. Ibi tí ìrù àti àmì ti ń kan ara wọn gan-an nìyẹn. Fóńtì yín lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ wọn tiyín.

Ẹni tó bá wá lo pọ́ìǹtì 13, tó wọ́pọ̀ nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì fún lẹ́tà 11, yóò ní mìlímítà 0.2 péré láàárín ìrù àti àmì. Bébà méjì tí a tò léra wọn nípọn tó bẹ́ẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹ máa rí i pé wọn kò kan ara wọn, ẹ ó sì rò pé ó ti dára. Ṣùgbọ́n yíǹkì máa ń tàn lórí bébà funfun tí kò ní dídán, àyè tín-ín-rín yẹn á sì dí. Pọ́ìǹtì 14 fi ìdajì mìlímítà sílẹ̀, ó ṣeé fara mọ́. Pọ́ìǹtì 15 fi ohun tó lé ní mìlímítà 0.8 sílẹ̀, òun la sì máa ń yàn fún ìwé tí a kọ àmì ohùn sí délẹ̀. Àwọn kan á ní ó ṣí sílẹ̀ jù. Bí ẹ bá wò ó lójú ìwé tí a ti tẹ̀, àwọn àmì ti kún àyè náà, kò sì dà bí ohun tó ṣófo mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún àmì ìsàlẹ̀ tó jẹ́ igi kékeré dípò tóótó. Àwọn kíbọọ̀dù kan ń tẹ igi, àwọn mìíràn ń tẹ tóótó, bí ọwọ́ méjì bá sì tẹ ìwé kan ṣoṣo, ẹ ó bá oríṣi méjèèjì nínú rẹ̀. Igi gùn wálẹ̀ ju tóótó lọ, ó sì ń jẹ nínú àyè tí ẹ ti wọ̀n. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó.

Ẹ jẹ́ ká dé inú `Word`, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí ń bàjẹ́. Bí ẹ bá fi àyè ìlà sílẹ̀ sórí `Single` tàbí `Multiple`, ètò náà ló ń wọn ìlà kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí fóńtì tó bá nínú rẹ̀. Ohun tí ojú kì í tètè rí ni pé, bí fóńtì tí ẹ yàn kò bá ní lẹ́tà kan, ètò náà á yá a lọ́wọ́ fóńtì mìíràn láì sọ fún yín. Bí fóńtì tó yá bá ga jù, ìlà tí lẹ́tà náà wà nínú rẹ̀ á ga sókè, ìlà tó tẹ̀ lé e á wà bó ti wà. Ojú ìwé á dà bí ẹní tí a fi ọwọ́ méjì hun. Bí ẹ bá rí ìlà tí kò dọ́gba báyìí, ẹ fi máósì yan ọ̀ kan nínú rẹ̀, kí ẹ wo orúkọ fóńtì tó hàn lókè. Ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ èyí tí ẹ yàn. Ojútùú rẹ̀ ni kí ẹ lo fóńtì tó gba àmì Yorùbá délẹ̀, bíi Charis SIL tàbí Gentium tí a ń rí gbà lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìlà báyìí:

```
Line spacing: Exactly
At: 15 pt
Before: 0 pt
After: 0 pt
```

`Before` àti `After` jẹ́ òdo, torí pé àyè kan kò gbọ́dọ̀ wà láàárín ìpínrọ̀ kan sí èkejì nínú ìwé kíkà. Mìlímítà 5 tí ìlà àkọ́kọ́ bá fi wọlé ti tó láti fi hàn pé ìpínrọ̀ tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ nínú orí kì í wọlé rárá, torí kò sí ìpínrọ̀ mìíràn lókè rẹ̀ tí a fẹ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára rẹ̀. Ẹ sì pa `Hyphenation` kú. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kúrú, ìlà yóò gún ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láì gé ọ̀rọ̀ kankan; bí ètò náà bá sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì lòún ń kà, ó lè fi g sílẹ̀ lópin ìlà kan kó gbé b lọ sí èkejì.

Ó ku etí ojú ìwé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe pé mélòó ni etí. Ẹ bi olùtẹ̀wé pé: nígbà tí ìwé bá kúrò lábẹ́ ọ̀bẹ, báwo ni yóò ṣe tóbi tó? Bébà A5 jẹ́ 148 sí 210 ní mìlímítà. Bí olùtẹ̀wé bá pa ìwé pọ̀ ní ìwọ̀n yẹn gan-an, tó sì gé mìlímítà 3 kúrò lókè, nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta kí etí rẹ̀ lè gún, ohun tí òǹkàwé máa dì mú jẹ́ 145 sí 204. Ẹni tí kò béèrè yóò tò ó fún A5, yóò sì máa ṣe kàyéfì pé ta ló jí etí ìwé òun.

Ká fi 145 sí 204 yìí ṣe àpẹẹrẹ, ká tò ó tán. Àyè ìlà wa jẹ́ pọ́ìǹtì 15. Ìlà 30 jẹ́ pọ́ìǹtì 450, tó jẹ́ mìlímítà 158.75. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 204, mìlímítà 45 àti díẹ̀ ló kù fún òkè àti ìsàlẹ̀. A fún òkè ní 19, a fún ìsàlẹ̀ ní èyí tó kù, bíi 26, torí nọ́ńbà ojú ìwé máa jókòó síbẹ̀, àti torí pé ìka àtàńpàkò ni òǹkàwé fi ń di ìsàlẹ̀ ìwé mú. Ní ti fífẹ̀, inú ní 22, ìta ní 16, ọ̀rọ̀ sì ní 107. Pẹ̀lú lẹ́tà pọ́ìǹtì 11, ìlà kan á gba nǹkan bí lẹ́tà 60 pẹ̀lú àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀, ìyẹn sì rọ ojú lọ́rùn.

Ẹ má gbàgbé pé ọ̀bẹ ń bọ̀. Nínú fáìlì tó ṣì jẹ́ A5, a ó fi mìlímítà 3 kún ìta, òkè àti ìsàlẹ̀. Inú nìkan la fi sílẹ̀ ní 22, torí ọ̀bẹ kì í kan ibẹ̀. Ohun tí ẹ máa tẹ̀ nìyí:

```
Multiple pages: Mirror margins
Top: 22 mm
Bottom: 29 mm
Inside: 22 mm
Outside: 19 mm
Gutter: 0 mm
```

Ìṣirò ní 29.25 ló kù fún ìsàlẹ̀, a sì kọ 29. Bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀ fún ìlà 30 géérégé, ìdá kékeré kan nínú pọ́ìǹtì lè lé ìlà ọgbọ̀n gan-an lọ sí ojú ìwé kejì, ẹ ó sì máa wá ohun tó jẹ́ kí ojú ìwé ní ìlà 29. `Mirror margins` sì ni kò ní jẹ́ kí etí inú bọ́ sí ìta ní ojú ìwé òsì. Tí wọ́n bá máa fi pín-ìnnì gún ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, dípò kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù nìkan lẹ̀ ẹ́, 22 kò tó mọ́. Ìwé náà kò ní ṣí kọjá ibi tí pín-ìnnì wà. Ẹ wọn bí pín-ìnnì ṣe jìn sí ẹ̀yìn ìwé, ẹ fi iye rẹ̀ kún inú, kí ẹ dín fífẹ̀ ọ̀rọ̀ kù.

Ìbẹ̀rẹ̀ orí ni ibi tí gbogbo ènìyàn ti fẹ́ ṣe ọ̀ṣọ́, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tẹ `Enter` lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí àkọlé lè sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ méjì kún orí tó ṣáájú, gbogbo `Enter` yẹn á ṣí kúrò láyè wọn. Inú sítáílì àkọlé ni kí àyè náà wà. Òfin kan ló sì dè é: ohunkóhun tí ẹ bá fi sókè ojú ìwé náà, àpapọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 15. Ìdí rẹ̀ ni pé bébà ìwé wa kì í sábà nípọn, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ń yọ síwájú. Bí ìlà iwájú bá jókòó sórí ìlà ẹ̀yìn, ohun tó ń yọ fara pa mọ́ sẹ́yìn ọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá bára mu, òjìji dúdú á bọ́ sí àárín ìlà méjì, níbi tó yẹ kó funfun.

Ká tò ó síbi àpẹẹrẹ wa. A fẹ́ kí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà kọkànlá, ìlà 10 nìyẹn lókè rẹ̀, pọ́ìǹtì 150. Àyè òfo 60 ló kọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni *Orí Kẹta*, ìlà kan, 15. Àyè 15 tẹ̀ lé e. Àkọlé orí fúnra rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà pọ́ìǹtì 18 tó jókòó sínú àyè 30. Àyè 30 ló gbẹ̀yìn kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀, 150 ni. Bí àkọlé bá gùn tó fi di ìlà méjì, ó ti jẹ 30 sí i. Ẹ yọ 30 yẹn kúrò nínú 60 tó wà lókè, kí ọ̀rọ̀ gbogbo orí lè máa bẹ̀rẹ̀ lójú ibì kan náà. Ẹ wo ìwé náà lórí bébà, kì í ṣe lójú kọ̀ǹpútà nìkan, torí ètò mìíràn máa ń gbé àyè tó wà lókè ojú ìwé mì. Bó bá gbé e mì, ẹ fi ìpínrọ̀ òfo kan ṣoṣo sókè, tí àyè ìlà rẹ̀ jẹ́ `Exactly` 60.

Àṣìṣe kan wà níbí tí ó máa ń yà àwọn tó ń to ìwé lẹ́nu. Sítáílì àkọlé sábà máa ń jogún àyè ìlà lọ́wọ́ sítáílì ọ̀rọ̀ lásán. Bí ẹ bá ti fi `Exactly` 15 sí ọ̀rọ̀, àkọlé pọ́ìǹtì 18 náà á gba 15, wọ́n á sì bẹ́ ẹ lórí: Ẹ̀ á di Ẹ, Ó á di O. Fóńtì kò bàjẹ́, àyè ló kéré. Ẹ wọ inú sítáílì àkọlé, ẹ fún un ní 30 tirẹ̀.

Ní ti lẹ́tà ńlá tí wọ́n ń fi bẹ̀rẹ̀ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́, tó ga tó ìlà mẹ́ta, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ nínú ìwé Yorùbá. Ẹ wo A, kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n orí mìíràn á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *Ọ̀kan* tàbí *Ẹ̀yin*. Tóótó abẹ́ rẹ̀ á wọ inú ìlà kẹrin, àmì orí rẹ̀ á yọ lókè ìlà kìn-ín-ní. Bí ẹ bá sì dín in kù kí gbogbo ẹrù rẹ̀ lè wọlé, lẹ́tà náà fúnra rẹ̀ á kéré ju A orí kejì lọ. Kò sí ọ̀nà tí méjèèjì fi lè dọ́gba. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ tí a kọ dúdú ṣe iṣẹ́ kan náà láìsí ìjà.

Bí ẹ bá fẹ́ kí orí kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ lójú ìwé ọ̀tún, `Section Break (Odd Page)` ló ń ṣe é. Ojú ìwé òfo tó bá fi sílẹ̀ lósì kì í hàn dáadáa lójú kọ̀ǹpútà, ẹ kà á nínú PDF.

Nísinsìnyí, owó. Ká ní ọ̀rọ̀ inú ìwé náà jẹ́ 52,000. Ojú ìwé wa gba bíi 320, torí ìlà tó ń parí ìpínrọ̀ kì í kún. Ìyẹn á gba ojú ìwé 163. Orí 12 ló wà: àyè òkè wọn jẹ ojú ìwé 4, òpin orí tí kò kún jẹ bíi 6, ojú ìwé òfo lósì jẹ bíi 6. Ẹ fi 8 kún un fún àwọn ojú ìwé ìṣáájú, ó di 187. Olùtẹ̀wé tó ń pa bébà ńlá sí ojú ìwé mẹ́rìndínlógún máa gbé e dé 192. Ibẹ̀ ni ẹnì kan á ti sọ pé, ẹ jẹ́ ká sọ àyè ìlà di 13. Òótọ́ ni pé ìlà á di 34 lójú ìwé kan, gbogbo rẹ̀ á sì wọ 176. Bébà mẹ́jọ ni wọ́n jèrè lórí ìwé kọ̀ọ̀kan, gbogbo ìrù g sì ti jókòó sórí àmì ohùn.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a fi lè dé 176 láì fọwọ́ kan ìlà. Ẹ jẹ́ kí orí máa bẹ̀rẹ̀ ní òsì tàbí ọ̀tún, bó bá ṣe bọ́ sí. Ojú ìwé 6 lọ, ó ku 181. Ẹ fi mìlímítà 3 kún fífẹ̀ ọ̀rọ̀, kí etí ìta di 13 lẹ́yìn ọ̀bẹ. Ojú ìwé 4 tún lọ. Ẹ yọ ojú ìwé 2 nínú àwọn ti ìṣáájú, ó di 175. Etí ìta ti tín-ín-rín díẹ̀, a kò sẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ṣì ṣeé kà.

Kí fáìlì tó lọ, ẹ tẹ ojú ìwé mẹ́rin jáde lójú méjèèjì bébà, kí ẹ yan `Actual size`, torí `Fit` máa ń fún gbogbo rẹ̀ kéré, rúlà á sì máa purọ́ fún yín. Ẹ wọn ìlà 30 láti ibi tí ti àkọ́kọ́ jókòó sí dé ibi tí ti ìkẹyìn jókòó sí: àyè 29 ló wà láàárín wọn, mìlímítà 153 àti díẹ̀. Ẹ wá gbé bébà náà sókè sí ojú fèrèsé, kí ẹ wò ó bóyá ìlà iwájú àti ti ẹ̀yìn bo ara wọn mọ́lẹ̀.